Kíkọ̀ Láti Ṣe Onídùúró fún Ọ̀rẹ́ ní Báńkì, Láìjẹ́ Kí Ọ̀rẹ́ Bàjẹ́

Alága wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè kọ̀ láti ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ yá owó ní báńkì, tí ọ̀rẹ́ náà kò sì ní í torí ẹ̀ di ọ̀tá. Ẹ̀ka owó yíyá ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà inú fọ́ọ̀mù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé orí ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fọwọ́ sí ohun tí kò kà, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọ ohun tí kò kà, àwọn méjèèjì ló sì máa ń ṣòro fún láti ṣàlàyé ara wọn nígbà tí ọ̀rẹ́ bá béèrè ìdí.

Ní Adó yìí àti káàkiri Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn báńkì maikirofáínáǹsì máa ń fẹ́ jù fún onídùúró: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó wà ní sẹkitéríátì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọjà lè má tà, òjò lè má rọ̀ lásìkò, ṣùgbọ́n owó oṣù, bó pẹ́ bó yá, yóò wọ inú àkáǹtì kan tí báńkì mọ nọ́ńbà rẹ̀. (Ẹ̀yin tó rántí àwọn ọdún tí owó oṣù fi ń jẹ́ gbèsè fún wa ní ìpínlẹ̀ yìí lè máa rẹ́rìn-ín. Báńkì náà rántí, bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fẹ́ onídùúró kan ṣoṣo.) Nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá wá bá yín, kì í sábà jẹ́ pé òun ló ronú kàn yín. Òṣìṣẹ́ báńkì ló sọ fún un pé, "Ẹ lọ mú ẹnìkan wá tó ń gba owó oṣù," ẹ̀yin sì ni ẹni tó ń gba owó oṣù tí ó mọ̀. Ó dára kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá kọ̀, ohun tí báńkì béèrè lẹ kọ̀, ẹ kò kọ ọ̀rẹ́ yín.

Báńkì kì í wá onídùúró kí ó lè mọ̀ bóyá ayáwó níwà. Ó ti wo ìwà rẹ̀ tán kí ó tó fún un ní fọ́ọ̀mù. Ẹni kejì tí yóò san owó náà ló ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lépa ẹni tó jẹ owó, kí ó ta ẹrù rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí kóòtù, kí gbogbo rẹ̀ kùnà, kí ó tó yíjú sí onídùúró. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní orílẹ̀-èdè yìí sọ ọ́ ní kedere ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Chami àti báńkì UBA, pé báńkì lè pe onídùúró lẹ́jọ́ tààrà bí ayáwó bá ti kùnà láti san, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe ayáwó fúnra rẹ̀ tàbí kó wọn pọ̀ nínú ẹjọ́ kan. Nínú fọ́ọ̀mù, ìlà kan máa ń wà tó sọ pé ẹ gbà láti san "bí báńkì bá ti béèrè". Ìlà kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo fọ́ọ̀mù náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan, tí mo pa pọ̀ láti inú oríṣiríṣi ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ ìtàn ẹnìkan pàtó. Obìnrin kan ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ní Ọjà Ọba, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, òun sì ń pè é ní Tíṣà. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ìrẹsì tuntun ń wọlé tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, Ìyá Ìbejì fẹ́ yá 1,500,000 náírà láti ra ìrẹsì tí wọn kò tíì bó pamọ́, kí ó lè tà á láti oṣù kẹrin lọ nígbà tí ọjà bá ti gbówó lórí. Báńkì gbà, bí ó bá lè mú onídùúró tó ń gba owó oṣù wá; oṣù méjìlá ni wọn yóò fi gba owó wọn, èlé sì jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí wọ́n ń ṣírò lórí gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ń dín kù bó ṣe ń san án. Lóṣooṣù, 125,000 lára owó gan-an àti 60,000 èlé, àpapọ̀ 185,000 náírà. Bí ó bá san án tán, 2,220,000 ni yóò ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ká ní Tíṣà dúró fún un, tí Ìyá Ìbejì sì san án fún oṣù márùn-ún kí nǹkan tó yí padà. Kò sá lọ, kò jí owó; ọmọ ṣàìsàn, tàbí owó ìrẹsì já wálẹ̀ nígbà tó yẹ kó gòkè. Oṣù méje ló kù, ìyẹn 1,295,000 náírà, láìka owó ìtanràn ìdádúró tí báńkì máa ń fi kún un. Bí Tíṣà bá ń mú 120,000 lọ sílé lóṣù, gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mọ́kànlá rẹ̀, bí kò bá jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò sì san owó ilé ìwé ọmọ kankan. Ohun tó yẹ kí olúkúlùkù wa ṣírò kí ó tó dáhùn nìyẹn. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ kò kan bóyá ọ̀rẹ́ mi ṣeé fọkàn tán. Iye oṣù tí mo lè fi ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ ni.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni mo rí tó ń ba àwọn olùkọ́ lójú jẹ́ jù. Àwọn báńkì kan máa ń ní kí onídùúró kọ ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó má kọ ọjọ́ tàbí iye sí i, wọn á sì ní kò sí nǹkankan níbẹ̀, pé ìlànà lásán ni. Gbèsè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó kùnà nínú àdéhùn lásán. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ní òfin tirẹ̀ tó ti wà láti ọdún 1977, ìjìyà rẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Lóòótọ́ ẹni tó ní ìdí láti gbà pé owó yóò wà nílẹ̀ lè fi ìyẹn jà ní kóòtù, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ máa ṣàlàyé ara rẹ̀ ní kóòtù lórí ìrẹsì tí kì í ṣe tirẹ̀? Ṣẹ́ẹ̀kì náà ló ń sọ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá gbọ́ ṣẹ́ẹ̀kì lẹ́nu ọ̀rẹ́ yín, kí ó má ṣe yín bíi pé ó yẹ kí ẹ tún lọ ronú.

Mo ti sọ ìdí tí ènìyàn fi lè kọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ̀ tí ọ̀rẹ́ fi ń bàjẹ́, nítorí pé kíkọ̀ gan-an kì í sábà jẹ́ ohun tó ń dun ọ̀rẹ́. Mo ti bá àwọn ayáwó tí ọ̀rẹ́ wọn kọ̀ láti dúró fún sọ̀rọ̀, wọ́n sì sábà máa ń sọ ohun kan náà fún mi: "Ká ní ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni." Ìdádúró ni àkọ́kọ́ nínú ohun tó ń bà á jẹ́. Ojú ń ti ènìyàn láti sọ pé rárá, ó bá ní, "Jẹ́ kí n rò ó wò," ó ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì dé, ó ní òun ṣì ń wá káàdì ìdánimọ̀ òun. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti san owó fọ́ọ̀mù, ó ti bá àwọn tó ń ta ìrẹsì ṣe àdéhùn, kò sì wá onídùúró mìíràn nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Lọ́jọ́ tí ó bá wá mọ̀ pé ẹ kò ní í ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, ìrẹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tí ẹ kọ̀ fún un kò dùn ún tó àkókò rẹ̀ tí ẹ gbà.

Èkejì ni àwáwí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni, "Bàbá àwọn ọmọ ló ní n kò gbọdọ̀ ṣe é." Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọkọ yín di ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí wọ́n bá pàdé, kì yóò kí i tọkàntọkàn, ọkọ kò sì mọ ohun tó ṣe. Bí ó bá tún jẹ́ pé ẹnìkan bi ọkọ yín tí ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀, irọ́ náà ti tú. Àwọn mìíràn á ní báńkì òun ti sọ pé òun kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀rẹ́ á sì lọ béèrè lọ́wọ́ máníjà kan náà. Ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti mọ ara wọn bí Adó ti rí, àwáwí kì í pẹ́ kí ó tó padà wálé.

Ẹ̀kẹta, tí àwọn olóòótọ́ ènìyàn máa ń ṣe, ni sísọ àléébù ọ̀rẹ́ wọn lójú rẹ̀. "O ò ì tíì san ti àjọ tí o gbà lọ́dún kejì." "Ọjà rẹ kò dúró dáadáa." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé ìdí yín ka orí ìwà rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un láti jiyàn, yóò sì jiyàn: yóò mú ìwé àjọ wá, yóò mú ẹlẹ́rìí wá, bí ó bá sì borí nínú àríyànjiyàn náà, kò sí ohun tí ẹ tún lè sọ mọ́ ju pé ẹ fọwọ́ sí i. Ìdí tí ẹ bá sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa yín, kí ó sì jẹ́ òótọ́, kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹ ń ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Tíṣà tí mo ń sọ nípa rẹ̀ ṣe é báyìí. Ìyá Ìbejì dé ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ ohun tí báńkì wí, ó sì bẹ̀ ẹ́. Tíṣà kò ní kí ó lọ kí ó padà wá. Ó dá a lóhùn níbi tí wọ́n jókòó sí pé: "Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ọ. Èmi kì í fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ẹnikẹ́ni, àbúrò mi béèrè rí, n kò ṣe é fún un. Owó oṣù mi nìkan ni mo ní, mi ò lè fi í dúró fún owó tó tó ìyẹn. Mo ń sọ ọ́ fún ọ lónìí kí ọjọ́ tí báńkì dá fún ọ má baà kọjá. Ṣùgbọ́n lọ mú ìwé tí wọ́n fún ọ wá, kí a jọ kà á."

Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé o rò pé n ó sá lọ ni?"

Tíṣà ní, "Bí mo bá rò bẹ́ẹ̀, n kì bá tí ní kí o mú ìwé wá. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ sá nìkan ni kì í rí owó san."

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́rin kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé ó kúrú ju bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó dáhùn lọ́jọ́ kan náà. Ó ní "èmi kì í", kò ní "èmi kò lè ṣe é fún ọ". Ó mú àpẹẹrẹ àbúrò rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé òun kò wà nísàlẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sì tọrọ àforíjì lọ títí, nítorí pé ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì ju bó ti yẹ lọ ń sọ fún ẹnì kejì pé ó yẹ kí òun ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé "èmi kì í" gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá ti ṣe é fún ẹnìkan lọ́dún tó kọjá, tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì mọ̀, ohun tí ẹ lè sọ ni pé, "Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti pinnu pé n kò tún ní í ṣe é mọ́." Ìyẹn náà tó. Àwọn àgbà ní ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ohun tí mo fi kún un ni pé ohùn tútù náà gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rẹ́ yóò máa wá obì náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ibi tí ọ̀rẹ́ wọn ti ye gan-an ni ìwé tí wọ́n jọ kà. Tíṣà kì í ṣe oníṣòwò, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ó bi Ìyá Ìbejì pé èló ló ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù lẹ́yìn oúnjẹ ilé, ó ní tó 80,000. Ó bi í pé ìgbà wo ni ìrẹsì tó fẹ́ rà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ó ní oṣù kẹrin. Wọ́n wá wo ìwé: báńkì fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ní oṣù kejìlá. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta jẹ́ ìgbà mẹ́rin, ìyẹn 740,000 náírà, èyí tí ìrẹsì tó wà nínú àpò kò lè san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ìdá tí 80,000 rẹ̀ kò lè gbé jẹ́ 105,000 lóṣù, ní ìgbà mẹ́rin ó di 420,000. Níbo ni yóò ti rí i? Nínú owó tí ó yá gan-an ni. Yóò máa fi owó báńkì san báńkì, yóò sì san èlé lórí owó tí kò fi ra ìrẹsì. Mo rí irú èyí léraléra nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé òun ló ń pa oníṣòwò tó ń tọ́jú ọjà pamọ́, ju olè àti iná lọ. Ọjọ́ tí owó ń jáde àti ọjọ́ tí owó ń wọlé kò bára mu.

Wọ́n tún un ṣírò. Bí ó bá yá 600,000 dípò 1,500,000, 50,000 àti 24,000 èlé ni yóò máa san lóṣù, àpapọ̀ 74,000. Èrè rẹ̀ tó ń wọlé báyìí lè gbé e, bí ọjà kò bá tilẹ̀ tà títí di oṣù kẹrin. Ó tún kù sí ohun tí yóò fi dúró ní ipò onídùúró. Níhìn-ín ni ìmọ̀ díẹ̀ ti ń wúlò. Láti ọdún 2017 ni òfin kan ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí tó fún báńkì láàyè láti gba ẹrù tó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ, ọ̀kadà tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún un. Ìyá Ìbejì ní ẹ̀rọ ìlọta kan tí ó fi ń lọ ata àti ẹ̀wà fún àwọn oníbàárà, ó sì ti ń dá àjọ ojoojúmọ́ pẹ̀lú báńkì náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó padà lọ, tí ó ní 600,000 ni òun fẹ́, báńkì gba ẹ̀rọ náà, wọ́n sì di díẹ̀ mú lára owó àjọ rẹ̀. Wọn kò béèrè òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló máa ń gbà bẹ́ẹ̀, òmíràn yóò fẹ́ kí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn yóò jọ dúró fún ara wọn, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ ìdúró, àfi pé ó pín. Ṣùgbọ́n iye tí a béèrè ló ń pinnu irú ohun tí báńkì yóò béèrè, ọ̀pọ̀ ayáwó kò sì mọ̀ pé àwọn lè dín iye náà kù.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé ó yẹ kí Tíṣà tún fún un lówó? Bí ó bá ní, kí ó fún un ní iye tí kò ní í fi oorun rẹ̀ ṣòfò bí kò bá padà, kí ó sì sọ bí ó ṣe jẹ́: ẹ̀bùn ni tàbí owó tí yóò padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìwé báńkì ni pé ó lópin. Bí mo bá fún ọ ní 30,000, mo mọ ohun tí mo lè pàdánù. Bí mo bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, èlé àti ìtanràn ń pọ̀ síwájú nígbà tí mo ń sùn. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fún ọ̀rẹ́ lówó láti fi wẹ ẹ̀bi kíkọ̀ nù. Ọ̀rẹ́ máa ń mọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé kíkọ̀ tún gba ìtọ́jú. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé ẹni tó kọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra, kò ní í gba Ọjà Ọba kọjá mọ́, yóò lọ máa ra ìrẹsì ní Ọjà Bísí, ọ̀rẹ́ á sì gbà pé ó ti jáwọ́ nínú òun. Ẹni tó kọ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì wá fún ohun tí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó má tún ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù sọ. Tíṣà ra ìrẹsì rẹ̀ níbi tó ti máa ń rà á. Bákan náà, kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ìyá Ìbejì wá bẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ gbèsè tí ẹlòmíràn bá gbọ́ lọ́jà, oníṣòwò a máa pàdánù àwìn tí àwọn tó ń kó ọjà fún un ń fún un, ìyẹn sì jẹ́ ìpalára gidi, kì í ṣe ìtìjú nìkan. Bí ọ̀rẹ́ náà bá sì rí onídùúró mìíràn, ẹ má ṣe béèrè ẹni tó jẹ́, ẹ má sì ṣe béèrè bí sísan owó náà ti ń lọ. Ẹ ti yàn láti má wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tó fẹ́ ṣe ohun tó wà láàárín. Ọ̀rẹ́ lè ní, "Ó dáa, bí o kò bá lè dúró fún mi, kan kọ ìwé pé o mọ̀ mí." Ìwé ìmọni yàtọ̀ sí ìdúró lóòótọ́, a sì lè kọ ọ́ láìbẹ̀rù, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ lórí ìwé yín. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá fún yín ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "ẹni tó mọ ayáwó" sí lókè, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ìmọni tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ àdéhùn láti san. Àmì tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n ni pé ó béèrè nọ́ńbà BVN yín, nọ́ńbà àkáǹtì tí owó oṣù ń wọ̀, tàbí fọ́tò ilé yín. Ẹni tó kàn mọ ènìyàn kò nílò láti fi àkáǹtì rẹ̀ hàn. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì fi ń lo BVN láti gba gbèsè tí kò san lára àkáǹtì tí ayáwó ní ní àwọn báńkì mìíràn. Bí fọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí bá wá ní ìlà tó fún báńkì láṣẹ irú bẹ́ẹ̀ lórí àkáǹtì tiyín, kì í ṣe ìmọni mọ́.

Àwọn mìíràn wà níbí tí wọ́n ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń kábàámọ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá owó ti jáde. Bí báńkì kò bá tíì san owó náà fún ayáwó, ẹ lè yọ ọwọ́ yín kúrò: ẹ kọ lẹ́tà sí máníjà, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí èyí tí ẹ óò mú padà. Kí ẹ tó gbé lẹ́tà náà lọ, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín fúnra yín, kí ó má baà jẹ́ ẹnu òṣìṣẹ́ báńkì ni yóò ti gbọ́. Bí owó bá ti jáde, lẹ́tà kò wúlò mọ́ fún gbèsè yẹn, ẹ̀yin àti onídùúró kejì ni yóò jọ gbé e. Bí ẹ bá sì san jù ìpín tiyín lọ, òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ ayáwó. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí tí ẹ bá fi san owó.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn kí n tó jókòó, ó sì jẹ́ èyí tó le jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ: bí ọ̀rẹ́ tó ń bẹ̀ mí bá jẹ́ ẹni tó ti dúró fún mi rí ńkọ́, tí mo sì san owó mi tán nítorí rẹ̀? Níhìn-ín, "èmi kì í" kò lè jẹ́ òótọ́, nítorí ẹ ti jẹ àǹfààní ohun tí ẹ ń kọ̀. Ìdáhùn mi ni pé gbèsè wà lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n iye gbèsè náà ni iye tí ó gbé fún yín. Bí ó bá dúró fún yín lórí 300,000, ẹ lè dúró fún un dé 300,000, kì í ṣe 1,500,000. Òfin gbà kí ìdúró ní òpin iye àti òpin àkókò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́ọ̀mù báńkì kì í fi àyè sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ báńkì pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìdúró yín kò kọjá 300,000 náírà, èlé àti ìtanràn wà nínú rẹ̀, pé gbèsè yìí nìkan ni, kì í ṣe èyí tí ayáwó bá tún yá lẹ́yìn rẹ̀. Kí iye náà wà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí máníjà fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan kí ẹ tó jáde ní báńkì. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ ní ìdáhùn tí ẹ lè gbé lọ bá ọ̀rẹ́ yín: ẹ ti múra láti dúró dé ibi tí ó dúró dé fún yín, báńkì ni kò gbà.